Wọ́n dá ìwé owó yàrá ìdánrawò wa padà: báwo la ṣe ń ṣàlàyé ìṣúná?

Olùkọ́ Òkè-Ògùn (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Òkè-Ògùn ni mo ti ń kọ́ni, ìlú tó jẹ́ pé tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, awakọ̀ á ní òun ò wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ 60 là ń gbà lọ́dún. Yàrá ìdánrawò tá a ní kò ju bẹ́ẹ̀dì méjì lọ, pẹ̀lú ọmọlangidi kan tí ọrùn rẹ̀ ti já tá a fi báńdéèjì dè, àti apá rọ́bà kan tá a fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi kánúlà, rọ́bà tín-ín-rín tí omi àti oògùn ń gbà wọ ara, sí iṣan. Apá yẹn náà ti ń jò. Tá a bá da omi pupa sí i, ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ ló ń gbà jáde, kì í dé ọrùn ọwọ́ mọ́.

A kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ àjọ kan. Mílíọ̀nù 30 náírà la béèrè. Mílíọ̀nù 17 nínú ẹ̀ jẹ́ ti ọmọlangidi ńlá kan tó ń lo kọ̀ǹpútà, tó ń mí, tó ń sọ̀rọ̀, tí ọkàn rẹ̀ ń lù. Ìyókù wà fún bẹ́ẹ̀dì, àtúnṣe yàrá, ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dá a padà. Wọn ò sọ pé àwọn ò ṣe o. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé ìṣúná ni pé: "Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ ná, ẹ ò sọ ìdí tó fi jẹ́ iye yẹn." Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká fi tún un kọ.

Lójú tèmi, a ti ṣàlàyé. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọlangidi náà "ṣe pàtàkì fún ẹ̀kọ́ ìgbàlódé." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba irú owó báyìí rí, kí ni wọ́n ń wá gan-an?

Baba Lábù (Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò rí maikirosikóòpù nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Lábù tí ò ní maikirosikóòpù, tí ò ní ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ pòyì, kí ni wọ́n máa fi wo ibà? Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, màá bá yín to gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Olùkọ́ Òkè-Ògùn (Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Kì í ṣe lábù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ o. Yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ti ń fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́ lára ọmọlangidi, kí wọ́n tó lọ fọwọ́ kan aláìsàn, ni mò ń wí.

Síísítà Wọ́ọ̀dù Ọmọdé (Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bóyá ẹ lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko lèmi náà ti jáde, àwa 52 ní kíláàsì. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní kánúlà, olùkọ́ wa ló fi sí apá rọ́bà náà, gbogbo wa yí i ká. Ẹ̀yìn ni mo wà. Orí ẹni tó dúró níwájú mi ni mo rí, mi ò rí apá. Àwọn mẹ́fà ló gbìyànjú rẹ̀ kí aago tó lu.

Ìgbà àkọ́kọ́ témi fúnra mi máa di kánúlà mú láti fi gún nǹkan, ọmọ ọdún kan àtoṣù mélòó kan ni mo gún. Ó ti ṣu títí omi fi tán lára ẹ̀, iṣan ọwọ́ rẹ̀ ti pẹlẹbẹ. Mo gún un lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyá rẹ̀ rọra gba ọmọ náà lápá mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ó tó." Ọ̀gá mi ló wá bá mi fi í sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré ló gún un.

Nítorí náà, tí wọ́n bá bi yín léèrè ìdí, ẹ sọ iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó tó jáde. Tiwa jẹ́ òdo.

Akọ̀wé Owó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Ẹ kú òwúrọ̀. Mo ti ka ìwé ìbéèrè owó fún ọdún mélòó kan ní ilé iṣẹ́ tó ń pín irú owó bẹ́ẹ̀, mo sì lè sọ ohun tí ẹni tó ń kà á ń wá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Síísítà yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín ti máa bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ kọ "ó ṣe pàtàkì", kò sí ohun tí èèyàn ò lè kọ ọ́ sí níwájú. Bẹ́ẹ̀dì ṣe pàtàkì, ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nígbà tí mo bá rí "apá rọ́bà, 3" ni ìdí tí kò fi jẹ́ méjì, àti ìdí tí kò fi jẹ́ márùn-ún. Tí iye náà bá ti inú iye akẹ́kọ̀ọ́ yín àti àkókò tí wọ́n ní jáde wá, mi ò ní lè gé e. Tí kò bá ti ibì kankan wá, ibẹ̀ ni màá ti kọ́kọ́ gé.

Ẹ jẹ́ ká fi kánúlà ṣe é. Ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ 60. Ká ní ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀ nínú yàrá náà. Ẹ yọ 20 ìṣẹ́jú kúrò fún títo nǹkan sílẹ̀ àti kíkó o, ó ku 100 ìṣẹ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó máa fọ ọwọ́ rẹ̀, tó máa so okùn mọ́ apá, tó máa wá iṣan, tó máa gún un, tó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, tó máa yọ ọ́, tó sì máa tún ibẹ̀ ṣe fún ẹni tó kàn, ó máa lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Apá kan ṣoṣo máa gba èèyàn mẹ́wàá nìyẹn. Àwọn márùn-ún nínú ọ̀wọ́ yẹn á kàn wòran lọ sílé.

Tí apá bá jẹ́ mẹ́ta, ìgbà 30 ni wọ́n máa lè gún un ní ìjókòó kan, ìyẹn ìgbà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ́ ọ, ó di ìgbà mẹ́jọ. Ẹ lè wá kọ ọ́ báyìí: "Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ wa ń jáde láìtíì gún un rí. Pẹ̀lú apá mẹ́ta, ìgbà mẹ́jọ ló máa ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó tó dé wọ́ọ̀dù." Ẹni tó ń kà á máa lóye ohun tí owó rẹ̀ fẹ́ rà.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ń ṣe é, ẹ máa rí i fúnra yín pé ọmọlangidi mílíọ̀nù 17 yẹn ò ní yege. Ẹnì kan ló lè dúró tì í lẹ́ẹ̀kan.

Olùkọ́ Yunifásítì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:45 àárọ̀)

Mo gba ìṣirò yín, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ mi ò gba ìparí rẹ̀. Ọmọlangidi ńlá kì í ṣe fún iṣẹ́ ẹnì kan. Àwọn mẹ́rin ló ń yí i ká: ọ̀kan ń wo ìfúnpá, ọ̀kan ń fún un ní afẹ́fẹ́, ọ̀kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀kan ń pe dókítà. Ohun tó ń kọ́ wọn ni bí ara ènìyàn ṣe ń yí padà lójú wọn àti bí wọ́n ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà náà. Apá rọ́bà ò lè kọ́ wọn ní ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ìgbèríko máa rò pé nǹkan kéékèèké nìkan ló tọ́ sí wọn.

Mètírónì Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:05 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àárọ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Olùkọ́ Yunifásítì, òótọ́ ló wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì ní ọ̀kan irú ẹ̀. Ọdún kejì tó dé ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí a ò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, Èkó ló wà, owó ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ju owó tí ilé ẹ̀kọ́ ní lọ́wọ́ lóṣù náà lọ. Wọ́n fi aṣọ funfun bò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àlejò nìkan la máa ń ṣí i hàn. Kò sì sí nínú ìwé tí a fi gba owó rẹ̀ pé ta ló máa tọ́jú ẹ̀.

Ohun tí Olùkọ́ Yunifásítì ní ó ń kọ́ wọn, èmi fi akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ọ. Ẹnì kan á dùbúlẹ̀ bí aláìsàn, mo á kọ ìfúnpá àti ìmí rẹ̀ sórí páálí kéékèèké, mo á máa yí páálí náà padà bí wọ́n ṣe ń ṣe dáadáa tàbí tí wọ́n ń ṣe àṣìṣe.

Fún ìbímọ, ẹ wo ọmọlangidi tí wọ́n ń pè ní Màmá Nátálì. Olùkọ́ á so ó mọ́ ikùn ara rẹ̀, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ìyá, á máa rọbí, á máa sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń darí bí ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá ṣe ń ya, kò lo iná rárá. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbàgbé pé eré ni, tó ń bẹ olùkọ́ pé "Màmá, ẹ má sùn o", bó ṣe ń fọwọ́ ra ilé ọmọ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ọmọ tó bá a rìn, Níò Nátálì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lìtà méjì ni wọ́n ń rọ sínú ẹ̀, yóò wá wúwo, yóò sì rọ̀ bí ọmọ tuntun gan-an. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi báàgì fún un ní afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, àyà rẹ̀ á gbé sókè. Tí kò bá mú ìbòjú náà mọ́ ojú ọmọ dáadáa, àyà ò ní gbé. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé kò dáa, ojú ara rẹ̀ á rí i.

Kọ́lá Sólà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán)

Ẹ kúrò lọ́rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Owó díísù á pa yín. Ẹ fi sólà kílówáàtì márùn-ún pẹ̀lú bátìrì lítíọ́ọ̀mù sí i, ẹ̀rọ amúlétutù yín á ṣiṣẹ́, gbogbo nǹkan á ṣiṣẹ́. Àwọn olówó ìrànwọ́ fẹ́ràn sólà gan-an, ó máa jẹ́ kí wọ́n gbà.

Akọ̀wé Owó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán)

Arákùnrin Kọ́lá, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Sólà sàn ju jẹnẹrétọ̀ lọ níbi tí díísù ti ṣòro rí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan sínú ìṣúná nítorí pé olówó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó fẹ́ lo iná nínú yàrá náà. Tí ọmọlangidi ńlá bá ti kúrò, kí ló kù? Gílóòbù, fáànù, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ lẹ́nu aláìsàn, bóyá kọ̀ǹpútà alágbèéká kan fún olùkọ́. Ìyẹn ò tó ohun tó ń béèrè kílówáàtì márùn-ún. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń fa ìyókù, ẹni tó ń kà á á sì bi yín pé ta ló nílò rẹ̀.

Olùkọ́ Òkè-Ògùn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán)

A fi amúlétutù sí i torí ẹnì kan sọ fún wa pé ooru ń ba rọ́bà jẹ́.

Mètírónì Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:40 ọ̀sán)

Oòrùn tó ń ràn lé e lórí tààrà ló ń bà á jẹ́ jù. Ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò níbi fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ ta kọ́tìnnì, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé kí eruku ọyẹ́ má máa wọlé. Fáànù tó.

Ohun tó ń ba ọmọlangidi jẹ́ tí mo fojú ara mi rí, àwọn nǹkan kéékèèké ni. Ẹ má tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀ láé. Ìnkì rẹ̀ á wọnú awọ, kò ní jáde mọ́ bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Bírò náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi fáṣílínì sí ojú kátítà, rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde, tí ẹ fẹ́ fi sí ọmọlangidi ìtọ̀, torí òróró inú ẹ̀ á mú kí rọ́bà wú, á rọ̀, á sì ya. Omi ọṣẹ ni kí ẹ lò. Apá rọ́bà sì rèé, tí ẹ bá lò ó tán, ẹ da omi pupa náà nù, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó gbẹ. Tí ẹ bá fi omi pupa sílẹ̀ nínú ẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì, ó máa hu ebu, ọ̀nà rẹ̀ á sì dí.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ béèrè fún síǹkì àti táńkì omi kẹ́ ẹ tó béèrè fún amúlétutù. Yàrá tí kò ní omi, wọn ò ní fọ nǹkan kan níbẹ̀, wọn ò sì ní kọ́ ọwọ́ fífọ̀.

Ọmọ Agbẹ̀bí ní Hiúsítọ̀n (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:55 alẹ́)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè tèmi ni pé kí ló dé tẹ́ ẹ máa ra nǹkan tuntun? Àwa ọmọ ilé níbí máa ń rí ọmọlangidi tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ò lò mọ́. A lè kó wọn sínú kọ̀ǹténà, ọ̀fẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, a ti kó irú ẹ̀ lọ sí ìlú ìyá mi rí. Bẹ́ẹ̀dì oníná mẹ́jọ wà nínú ẹ̀. Iná ọ̀hún, fóltì 120 ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ti ilé sì jẹ́ 230. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ki ọ̀kan bọ iná, ó ta èéfín. Ọmọlangidi méjì tó wà níbẹ̀ náà, ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ò ṣe ẹ̀dọ̀fóró àfirọ́pò wọn mọ́. Owó tí a fi gbà á jáde ní èbúté ni mi ò tíì gbàgbé di òní.

Akọ̀wé Owó (Ọjọ́rú, 6:10 àárọ̀)

Àbúrò, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òtítọ́ rẹ̀. Ohun tó lè ran Olùkọ́ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ yín kì í ṣe kọ̀ǹténà. Ẹ dá owó jọ fún ohun tí àwọn olówó ìrànwọ́ kì í san. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ọ̀pọ̀ owó irú èyí ló ń san kíkọ́lé àti ohun èlò nìkan. Owó kékeré tí ilé iṣẹ́ aṣojú Jàpáàn ń fún àwọn àjọ àdúgbò, fún àpẹẹrẹ, kì í san owó oṣù, kì í sì í san ohun tí wọ́n ń lò tán. Wọ́n tún fẹ́ rí ìwé iye owó láti ọ̀dọ̀ olùtajà mẹ́ta fún ohun kan náà. Ẹ ka ìlànà àjọ tiyín lórí èyí kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun. Tí ẹ bá fi owó oṣù olùtọ́jú yàrá sí i níbi tí wọn kì í ti í san án, kì í ṣe pé wọ́n á gé e nìkan, wọ́n á mọ̀ pé ẹ ò ka ìlànà.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi í pamọ́ náà. Ẹ ya òpó méjì sínú ìṣúná: èyí tí ẹ ń béèrè, àti èyí tí ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ọmọ ilé máa san. Kánúlà, ìbọ̀wọ́, ọṣẹ, ẹni tó máa mú kọ́kọ́rọ́, gbogbo rẹ̀ á lọ sí òpó kejì pẹ̀lú iye rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń kà á ti máa mọ̀ pé yàrá yìí ò ní tì pa lọ́dún kejì.

Síísítà Wọ́ọ̀dù Ọmọdé (Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀)

Kánúlà àti okùn dírípù tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá pọ̀ ní ilé ìwòsàn, ńṣe ni wọ́n máa ń dáná sun wọ́n. Ẹ lọ bẹ ọ̀gá ilé oògùn kí wọ́n máa kó o fún yín. Ẹ ò ní ná kọ́bọ̀.

Mètírónì Fẹ̀yìntì (Ọjọ́rú, 8:15 àárọ̀)

Ó dáa, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tó wọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn lè rìn padà sí wọ́ọ̀dù. Mo ti bá a rí lórí tíróólì, ọmọ kan tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ló mú un láti yàrá ìdánrawò nígbà tí ti wọ́ọ̀dù tán. Kó tó wọlé, ẹ ti fi máákà pupa kọ "ÌDÁNRAWÒ NÌKAN" sára páálí àti ara ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Kí ìwé wà tí ẹ fi ń kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde. Kí àpótí abẹ́rẹ́ sì wà níbẹ̀, torí abẹ́rẹ́ tó gún apá rọ́bà lè gún ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Ìyá Ìbejì Ṣakí (Ọjọ́rú, 11:20 àárọ̀)

Ní tiwa, ọsàn la fi kọ́ abẹ́rẹ́ gígún, fóòmù tìmùtìmù la sì fi kọ́ rírán ojú ọgbẹ́. A ò rà nǹkan kan, a yege. Ẹ fi mílíọ̀nù yìí kọ́ hósítẹ́ẹ̀lì.

Olùkọ́ Yunifásítì (Ọjọ́rú, 12:05 ọ̀sán)

Ìyá Ìbejì, ọsàn dáa fún abẹ́rẹ́, mo ṣì ń lò ó. Fóòmù náà dáa. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pàápàá, Olùkọ́, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò béèrè owó fún ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín. Àmọ́ títẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró, tìmùtìmù ò lè kọ́ ọ. Àyà àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kó má ju mẹ́fà lọ, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọlangidi onídajì ara ní ohun tó ń dún "kọ̀" nínú tí ọwọ́ bá dé ibi tó yẹ. Tìmùtìmù á gba ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jù bákan náà, kò ní sọ nǹkan kan.

Lórí ọmọlangidi ńlá, mo ṣì dúró síbi tí mo dúró. Ṣùgbọ́n mo gbà pé kì í ṣe òun ló yẹ kó kọ́kọ́ dé.

Akápò Ìjọ (Ọjọ́rú, 4:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má gbàgbé pé owó ń yí. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé gbogbo ẹ̀, ẹ pè é ní owó ohun àìròtẹ́lẹ̀. Ìwé iye owó tí olùtajà fún yín, 30 ọjọ́ péré ló sábà máa ń wà fún. Ẹni tó gba ìwé iye owó ọmọlangidi ilẹ̀ òkèèrè ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bí 460 náírà lọ́dọ̀ ìjọba, tí owó rẹ̀ wá jáde ní oṣù kejì ọdún 2024 nígbà tó ti kọjá 1,500, kí ló fẹ́ rà?

Akọ̀wé Owó (Ọjọ́rú, 6:33 ìrọ̀lẹ́)

Akápò, ẹ̀rù yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́wàá ò lè bo ohun tó fò ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ àjọ kì í sì í gba ìlà "ohun àìròtẹ́lẹ̀" rárá, torí kò sí ìdí tí èèyàn lè kọ sí i níwájú. Èmi máa ń fẹ́ kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gba ìwé iye owó àti iye dọ́là lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì to nǹkan bí ẹ ṣe máa rà á: ohun tí ẹ máa rà bó ti wù kó rí, àti ohun tí ẹ máa dín kù tí náírà bá já. Tí apá mẹ́ta bá di méjì, ẹ ti mọ̀ pé ìgbà mẹ́jọ á di márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ sì lè sọ ọ́ fún wọn.

Akápò Ìjọ (Ọjọ́rú, 7:10 alẹ́)

Àjọ tó fún wa lówó nígbà tiwa gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Olùkọ́ Òkè-Ògùn (Ọjọ́bọ̀, 10:26 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Èmi àti ọ̀gá wa jókòó lórí ẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ọmọlangidi ńlá ti kúrò, amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀ náà ti kúrò. Táńkì omi, síǹkì méjì àti sólà kékeré fún gílóòbù àti fáànù ti wọlé. Gbogbo ohun tá a ń béèrè wá sọ̀ kalẹ̀ sí mílíọ̀nù 21. Ẹ bá mi wo bí ìlà kánúlà ṣe rí báyìí:

"Apá rọ́bà fún kánúlà, mẹ́ta, ₦280,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦840,000. Akẹ́kọ̀ọ́ 60, ọ̀wọ́ mẹ́rin, wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Apá mẹ́ta ló máa jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gún un nígbà mẹ́jọ. Lónìí, apá kan tó ti ń jò la ní. Awọ àti iṣan àfirọ́pò, mẹ́fà, ₦45,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦270,000. Ìgbà 480 ni wọ́n máa gún apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún, ìyẹn 160 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ń fẹ́ pààrọ̀ awọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ilé ẹ̀kọ́ máa pèsè kánúlà 180, mẹ́ta fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, ₦72,000. Olùkọ́ tó ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ló máa fọ apá, ló sì máa kọ iye ìgbà tí wọ́n lò ó sínú ìwé."

Ohun kan ló ṣì ń dà mí láàmú. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́jọ, tí kò jẹ́ márùn-ún tàbí méjìlá, kí ni kí n sọ?

Mètírónì Fẹ̀yìntì (Ọjọ́bọ̀, 11:02 alẹ́)

Kò sí iye kan tó bá gbogbo ọwọ́ mu, ọmọ mi. Ẹlòmíì á mọ̀ ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹlòmíì á gún un lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó dúró. Èmi kì í ka iye ìgbà. Ìwé ìgbésẹ̀ ni mo máa ń mú dání, tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta léra láìfo ìgbésẹ̀ kan, láìjẹ́ pé mo là á lóye, mo á fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ pé mẹ́jọ ni àyè tí àkókò yín gbà, ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n á padà wá ní ọjọ́ Sátidé.

Akọ̀wé Owó (Ọjọ́ Ẹtì, 6:05 àárọ̀)

Ẹ fi ìwé ìgbésẹ̀ yẹn wo àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn báyìí, kí ohun èlò kankan tó dé. Ẹ kọ iye àwọn tó ṣe é láìfo nǹkan kan sínú ìwé náà, bó tilẹ̀ kéré. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n máa béèrè rẹ̀. Ẹ ṣì ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sán kan tó fún 60 èèyàn tí ẹ bá ní olùkọ́ mẹ́rin àti apá mẹ́rin.

Olùkọ́ Òkè-Ògùn (Ọjọ́ Ẹtì, 6:41 àárọ̀)

Olùkọ́ méjì la ní, sà, apá kan ṣoṣo sì ni. A máa fi ọ̀sán mẹ́rin ṣe é. Apá tó ń jò náà la máa lò, mo ti bá a wá súpáàgúlùú.